Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Rí Dókítà Kí Ẹ Tó Ta Ilẹ̀

Ní Turffontein tí mò ń gbé, ní apá gúúsù Johannesburg, ìró méjì ni ẹni tó bá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ eré ẹṣin máa ń gbọ́. Ìkíní ni ariwo àwọn tó wá wo ìje ní pápá ẹṣin wa. Ìkejì ni ti àwọn bàálù kéékèèké tó ń gbéra ní pápákọ̀ òfurufú Rand ní Germiston, tí kò jìnnà sí wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wa ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàálù yẹn. Àwọn kan nínú wọn ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá, owó tí wọ́n sì fi ń fò kì í ṣe owó kékeré.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Ìbàdàn. Ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún méjìdínlógún, ó sì ní iṣẹ́ bàálù lòun fẹ́ ṣe jẹun. Ilé ẹ̀kọ́ kan níbí ti kọ̀wé sí wọn pé àwọn gbà á, wọ́n sì ní kí wọ́n yára san ìdá kan nínú owó kí àyè rẹ̀ má baà bọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ rẹ̀ kan lọ́nà Mọ́níyà. Ohun tó fẹ́ lọ́wọ́ mi ni kí n lọ wo ilé ẹ̀kọ́ náà bóyá kì í ṣe gbájúẹ̀. Mo lọ, mo rí i pé kì í ṣe gbájúẹ̀. Mo wá sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì ta ilẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ rí dókítà ná."

Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní, "Ọmọ mi ò ṣàìsàn, àbúrò. Kí ló fẹ́ lọ bá dókítà ṣe?"

Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ló ń bi í. Èrò mi ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi bàálù wíwà jẹun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé-ẹ̀rí ìlera Ìpele Kìíní kí ó tó san owó kankan. Mo tún gbà pé kò yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ kankan gba owó lọ́wọ́ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ó tó rí ìwé náà.

Ìwé àṣẹ awakọ̀ bàálù kì í ṣe ẹyọ kan. Ó dà bí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló sì ní. Èyí ìsàlẹ̀ ni ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́. Ní Gúúsù Áfíríkà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè gbà á, òun ló sì fún un láyè láti dá nìkan gbé bàálù sókè nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ bá ní ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì ni ìwé àṣẹ àdáni, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní PPL. Ẹni tó bá pé ọdún mẹ́tàdínlógún, tó fò tó wákàtí 45, tó sì yege nínú ìdánwò, ó lè gbà á. Ó lè wá fi bàálù gbé ẹbí àti ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹsẹ̀ kẹta ni owó ti ń wọlé. Ìwé àṣẹ ìṣòwò nìyẹn, CPL. Ó kéré tán, ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, kí ó sì ti fò tó wákàtí 200, àyàfi bí ó bá gba ẹ̀kọ́ àkànṣe tí ìjọba fọwọ́ sí, tí iye wákàtí náà fi lè dín kù sí 150. Láàárín ẹsẹ̀ kejì àti ẹ̀kẹta ni ó ti ń kọ́ fífò lóru, fífò nínú ìkùukùu nípa wíwo irinṣẹ́ nìkan, àti wíwa bàálù elẹ́ńjìnnì méjì. Ẹsẹ̀ kẹrin ni ATPL, ìwé àṣẹ ẹni tó lè ṣe ọ̀gá nínú bàálù ńlá elérò. Wákàtí 1,500 ni òfin béèrè fún ìyẹn, pẹ̀lú ọdún mọ́kànlélógún lọ́jọ́ orí. Kò sẹ́ni tó ń sanwó gun ẹsẹ̀ yìí tán: iṣẹ́ ni èèyàn máa ń fi kó àwọn wákàtí náà jọ.

Ohun tí àwọn òbí kì í sábà rí ni pé gbogbo ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn yìí ló dúró lórí ìwé mìíràn, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí ìlera. Ìwé àṣẹ awakọ̀ ń sọ pé o mọ bàálù wà. Ìwé-ẹ̀rí ìlera ń sọ pé ara rẹ lè wà á lónìí. Ọjọ́ tí ìwé ìlera bá kú, ìwé àṣẹ ò wúlò mọ́ títí di ìgbà tí a bá sọ ọ́ dọ̀tun. Kì í ṣe dókítà àdúgbò ló ń fúnni ní ìwé yìí. Àwọn dókítà kan wà tí àjọ ìrìnnà òfurufú orílẹ̀-èdè yàn fún iṣẹ́ náà, orúkọ wọn sì wà lọ́wọ́ àjọ fún ẹni tó bá fẹ́ wá wọn.

Ìwé ìlera méjì ló kan akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìpele Kejì tó fún ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé àṣẹ àdáni. Ìpele Kìíní ni dandan fún ìṣòwò àti fún bàálù ńlá. Níbi tí ọ̀fìn wà nìyí. Òfin ò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìpele Kìíní lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀. Ó lè fi Ìpele Kejì, tí owó rẹ̀ kéré, gun ẹsẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ó ná owó ńlá, kí ó tó dé ibi tí wọ́n ti máa bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ lè gun ẹ̀kẹta.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ aládùúgbò mi kan nìyẹn. Ọmọ ìlú Ọ̀ṣun ni bàbá rẹ̀, ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Rosettenville. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́tàdínlógún, wọ́n ní kí ó lọ gba ìwé ìlera, ó sì gba Ìpele Kejì. Ilé kún fún ayọ̀: dókítà ti ní ara ọmọ yá. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ ìwé náà ní ibi tí wọ́n ń kọ ìdíwọ̀n sí, tó sọ pé ojúmọmọ nìkan ni ìwé yìí wà fún. Bàbá kà á, ó rò pé nítorí pé ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ilé ẹ̀kọ́ náà rí i, wọn ò sọ nǹkan kan. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ó dáa nínú rẹ̀ gan-an: kò pé ọdún kan tó fi gba ìwé àṣẹ àdáni, ó sì fò títí ó fi lé ní 110 wákàtí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ó wá kọ́ fífò lóru. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n tó la ìtumọ̀ ìlà yẹn yé e.

Ojú ọmọ náà kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín pupa àti àwọ̀ ewé. Ó kàwé, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó gbá bọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìwé kan ni dókítà fi ń yẹ èyí wò. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan kún fún àmì róbótó-róbótó aláwọ̀ oríṣiríṣi, nọ́ńbà kan sì fara pamọ́ sáàárín wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ pé yóò ka nọ́ńbà náà kíá, ẹni tí kò pé yóò rí àmì lásán. Ẹni tó bá kùnà nínú ìwé yìí ṣì ní àǹfààní kan sí i: wọ́n lè fi iná aláwọ̀ hàn án, kí ó sọ èyí tó jẹ́ pupa, èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé àti èyí tó jẹ́ funfun. Òfin àgbáyé ní bí ó bá kùnà níbẹ̀ náà, kò lè gba Ìpele Kìíní láéláé, ṣùgbọ́n a lè fún un ní Ìpele Kejì fún ojúmọmọ nìkan. Ọmọ aládùúgbò mi lọ síbi iná náà, ó sì kùnà.

Mo bi ìyá rẹ̀ bóyá ó kíyè sí nǹkan kan nígbà tí ọmọ wà ní kékeré. Ó ní rárá. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀, mo sì rí i pé èdè wa pàápàá lè bá wa bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwa tó ń pe èèyàn pupa, epo pupa, iyẹ̀pẹ̀ pupa àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pupa, tí a tún lè pe ewé tútù ní dúdú, a kì í bi ọmọ wa léèrè àwọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kí àṣìṣe rẹ̀ tó hàn. Ọkùnrin ni àìpé ojú yìí sì ń bá jù, láti ọ̀dọ̀ ìyá tí ojú tirẹ̀ pé ni ó sì ti máa ń wọlé.

Ẹnìkan lè sọ pé ìwà ìkà ni kí wọ́n torí àwọ̀ dá ọmọ dúró. Kí ó fọkàn wo awakọ̀ tó ń bọ̀ wá balẹ̀ lóru. Iná mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀. Bí méjì bá funfun tí méjì pupa, ó ń bọ̀ dáadáa. Bí gbogbo wọn bá funfun, ó ti ga jù. Bí gbogbo wọn bá pupa, ó ti rẹlẹ̀ jù, ó sì lè kọlu igi tàbí ilé. Bàálù tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán náà, iná pupa wà ní apá òsì rẹ̀, iná àwọ̀ ewé wà ní apá ọ̀tún, àwọn ni èèyàn fi ń mọ̀ bóyá ó ń bọ̀ ni tàbí ó ń lọ. Kò sí àyè láti béèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì. N kò bá òfin yìí jà. Ohun tí mò ń bá jà ni pé lẹ́yìn 110 wákàtí ni ọmọ náà tó gbọ́ ohun tó yẹ kí ó gbọ́ kí ó tó fò rárá.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìdáhùn tiwọn, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé. Ó ní Ìpele Kìíní kì í ju oṣù méjìlá lọ, ẹ̀kọ́ sì lè gbà ju ọdún kan lọ, nítorí náà ìwé náà yóò ti kú kí ọmọ tó dé ibi tó ti nílò rẹ̀. Ṣé kì í ṣe owó tí a dà nù nìyẹn? Òótọ́ ni pé yóò kú. Fún ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún, Ìpele Kejì lè lo ọdún márùn-ún níbi tí wọ́n bá ń tẹ̀lé ìwọ̀n àgbáyé, Ìpele Kìíní sì jẹ́ ọdún kan péré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí kí a fi pamọ́ ni a ṣe ń gba ti àkọ́kọ́. Nítorí kí a mọ̀ ni. Nǹkan tí a bí mọ́ni, bí ojú tí kò mọ àwọ̀, kò ní yí padà lẹ́yìn ọdún kan. Ìwé tó bá kú, a ó sọ ọ́ dọ̀tun. Ilẹ̀ tí a bá tà kò ní padà wá.

Ẹ̀gbọ́n mi gbà níkẹyìn. Ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí àjọ yàn. Kì í ṣe àyẹ̀wò àdììtú. Wọ́n wo ìfúnpá rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n lẹ ìwáyà mọ́ ọn láyà kí ẹ̀rọ lè ya bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Wọ́n ní kí ó fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù, wọ́n sì fi í sínú yàrá kékeré tó dákẹ́ láti yẹ etí rẹ̀ wò. Nígbà tó kan ojú, ẹ̀rù bà á, nítorí pé ó ń lo awò. Awò kì í ṣe wàhálà. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, pẹ̀lú awò lójú, kí ojú kọ̀ọ̀kan lè ka láti ìwọ̀n mítà mẹ́fà ohun tí ojú tó pé yóò kà láti mítà mẹ́sàn-án, kí ojú méjèèjì pa pọ̀ sì ríran bí ojú tó pé. Ó kà á. Ìdíwọ̀n tí wọ́n kọ fún un ni pé kí ó máa lo awò bí ó bá ń fò, kí òmíràn sì wà nítòsí rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ló dá wa dúró, kì í ṣe ẹ̀rọ. Kí dókítà tó fọwọ́ kan ọmọ, ó ti fún un ní ìwé ìbéèrè tó gùn: ṣé o ti dákú rí, ṣé o ti ní wárápá tàbí gìrì, ṣé o ń lo oògùn kankan, ṣé ọkàn rẹ ti rẹ̀wẹ̀sì débi pé o lọ rí dókítà? Ọmọ náà tẹ ìyá rẹ̀ láago nítorí gìrì. Mo gbọ́ ohùn ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi látinú fóònù. Ó ní gìrì mú un lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, nígbà tí ibà ń ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó kọ "rárá." Ó ní, "Ta ni yóò mọ̀? Ṣé wọ́n wà ní Ìbàdàn nígbà yẹn ni?"

Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ gìrì àti wárápá wúwo, ìdílé kì í fẹ́ kí ó kàn wọ́n. Mo ní, "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí ó kọ òótọ́." Ó kọ ọ́. Dókítà náà kò lé wa jáde. Ó béèrè iye ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ orí ọmọ nígbà náà, bóyá ara rẹ̀ gbóná, àti bóyá ó tún ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà. Ó ní kí a lọ rí dókítà ọpọlọ, kí a sì mú lẹ́tà wá. Ó gba ọjọ́ mọ́kànlá. Dókítà ọpọlọ kọ ọ́ pé gìrì ibà tó máa ń mú ọmọdé ni, kì í ṣe wárápá, wọ́n sì fún ọmọ ní Ìpele Kìíní. Ká ní ó kọ "rárá" ni, tí ọ̀rọ̀ wá tú síta lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kì í ṣe gìrì ni ìbá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, irọ́ ni.

Àwọn ará ilé wa tún bi mí nípa jẹ́nótáìpù, nítorí pé AS ni ọmọ náà. AS nìkan kì í dí èèyàn lọ́nà ìwé yìí. SS ni ọ̀ràn rẹ̀ yàtọ̀. Atẹ́gùn inú bàálù ńlá, nígbà tó bá wà lókè, fẹ́lẹ́ bí ti orí òkè gíga, ẹ̀jẹ̀ SS kì í sì fara da àìtó atẹ́gùn. Èyí náà jẹ́ ohun tí ìdílé ti mọ̀ nílé kí wọ́n tó wá ilé ẹ̀kọ́ rárá.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ òótọ́ yìí ju ti owó lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2015, igbákejì awakọ̀ bàálù Germanwings kan tó ń ti Barcelona lọ sí Düsseldorf ti ọ̀gá rẹ̀ mọ́ ìta, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi bàálù náà kọlu òkè ní ilẹ̀ Faransé. Èèyàn 150 ló kú, òun náà wà lára wọn. Ìwádìí fi hàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti mú un nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́, pé ó tún ṣe é ní ìgbẹ̀yìn, pé àwọn dókítà ti kọ̀wé pé kí ó sinmi, kò sì fi ìwé náà han ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ó ti yá owó láti fi kẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùwádìí sì ka ìbẹ̀rù pé iṣẹ́ àti owó oṣù lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ohun tó lè mú un pa àìsàn rẹ̀ mọ́. N kò sọ pé gbèsè ló pa àwọn èèyàn yẹn. Mo ń sọ pé ẹni tí gbèsè bá ti wọ̀ lọ́rùn kí ó tó dé iwájú dókítà, òótọ́ yóò ṣòroó sọ fún un. Ẹni tí kò tíì ná nǹkan kan lè sọ òótọ́ kí ó sì padà sílé láìfi bẹ́ẹ̀ pàdánù.

Nítorí náà, ohun tí mò ń fẹ́ kò pọ̀. Kí ilé ẹ̀kọ́ kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí wọ́n fi ń gba ọmọ pé, bí iṣẹ́ ni ó fẹ́ fi bàálù ṣe, kí ó mú Ìpele Kìíní wá kí a tó gba owó rẹ̀. Kí òbí tó gba ìwé ìlera ọmọ rẹ̀ má ṣe wo orúkọ àti òǹtẹ̀ nìkan. Kí ó ka ibi tí wọ́n kọ ìdíwọ̀n sí, kí ó sì ní kí dókítà túmọ̀ rẹ̀ fún òun lójúkojú. Kí ó má sì gbàgbé pé ìwé ọdún kan ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní i lónìí, ìyẹn ò ní kí ọkàn rẹ̀ tàbí etí rẹ̀ má yí padà lọ́la, yóò sì máa padà síwájú dókítà lọ́dọọdún títí yóò fi fẹ̀yìn tì.

Wọ́n ta ilẹ̀ ọ̀nà Mọ́níyà ní oṣù kejì lẹ́yìn náà. Ọmọ náà ti fò tó wákàtí mọ́kàndínlógún báyìí. Ọmọ aládùúgbò mi ń bá bàbá rẹ̀ ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Bí owó díẹ̀ bá wọlé, ó máa ń lọ sí Rand lọ háyà bàálù fún wákàtí kan, ní ojúmọmọ, kí oòrùn tó wọ̀.